Ẹ̀rọ tó ń fi líǹkì sínú sáìtì fúnra rẹ̀: bó ṣe da ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wa rú, àti ohun tó mú mi tún sanwó rẹ̀

Oníbàárà kan wá láti Èkó sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ó ní ká má wulẹ̀ máa tú aṣọ sílẹ̀, òun á kọ́kọ́ wo ohun tí òun fẹ́ lórí fóònù. Ó tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa àti “àdìrẹ ẹlẹ́kọ” sínú Google. Ohun tó jáde ni ojú ewé tí a ti ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń fọ àdìrẹ kí aró rẹ̀ má bàa ṣí. Obìnrin náà kà á títí, ó gbójú sókè, ó ní, “Àǹtí, ṣé aṣọ yín máa ń ṣí ni?” Gbogbo àlàyé tí mo ṣe kò wọ̀ ọ́ létí mọ́. Kò ra nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ a ní ojú ewé àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́tọ̀. Àwòrán wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, a sì kọ bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ kó tó wọ inú aró ẹ̀lú. Kò jáde rárá. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Plọ́gíìnì, ìyẹn ẹ̀rọ àfikún fún WordPress tí a fi kọ́ sáìtì wa, ni ohun tí mò ń ṣàgbéyẹ̀wò rẹ̀ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá ọ̀rọ̀ kiri inú gbogbo ojú ewé sáìtì, kó sì máa sọ wọ́n di líǹkì sí ojú ewé mìíràn lórí sáìtì kan náà. Ẹ mọ ìyókù: ọdọọdún la ń sanwó rẹ̀, kò sì ṣòro láti fi síbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí ọ̀rọ̀ àwa pẹ̀lú wọn kò tíì parí.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi bínú tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ orí líǹkì ń ṣe. Tí ojú ewé kan bá nàka sí òmíràn, ọ̀rọ̀ tí ojú rí lórí líǹkì yẹn ni orúkọ tó fi pè é, Google sì máa ń kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún ojú ewé tí a nàka sí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní 1998, nígbà tí Sergey Brin àti Larry Page ṣì wà ní Yunifásítì Stanford, wọ́n ṣàlàyé nínú ìwé ìwádìí wọn pé àwọn kì í ka ọ̀rọ̀ líǹkì mọ́ ojú ewé tó wà nìkan, àwọn tún ń kà á mọ́ ojú ewé tó ń lọ, torí ó sábà máa ń júwe ojú ewé náà ju bí ojú ewé náà ṣe júwe ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ hàn gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún: ẹni tó bá tẹ `click here` sínú Google, ojú ewé tí wọ́n ti ń gba Adobe Reader ló máa ń rí, kìkì nítorí pé àìmọye sáìtì ló fi ọ̀rọ̀ méjì yẹn nàka síbẹ̀. Líǹkì láti òde nìyẹn o, àmọ́ Google náà sọ fún àwọn onísáìtì pé ọ̀rọ̀ orí líǹkì inú sáìtì tiwọn pẹ̀lú ń jẹ́ kí òun mọ ohun tó wà níbi tó ń lọ.

Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà yẹn lọ, mo ṣí Search Console, irinṣẹ́ tí Google fi ń han onísáìtì bí sáìtì rẹ̀ ṣe ń jáde fún àwọn tó ń wá nǹkan. Ní `Performance`, mo yan “àdìrẹ ẹlẹ́kọ” nìkan nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń wá, mo wá tẹ `Pages`. Ojú ewé méjì ni Google ń gbé jáde fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, ti fífọ̀ aṣọ ló sì ń gbé jáde jù. Mo lọ sí `Links`. Nínú líǹkì inú sáìtì, ojú ewé fífọ̀ ló wà lókè téńté, ó ju ojú ewé àkọ́kọ́ wa pàápàá lọ. Ibi tí Search Console mọ nìyẹn: ó máa ń ka líǹkì inú fúnni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí líǹkì tó ń fi hàn jẹ́ ti àwọn sáìtì òde. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo Screaming Frog, ẹ̀rọ tó ń tọ líǹkì inú sáìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún sáìtì tí àdírẹ́sì inú rẹ̀ kò bá ju 500 lọ. Mo yan ojú ewé fífọ̀, mo tẹ `Inlinks`, mo wo ìlà tí wọ́n kọ `Anchor Text` sí. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, “àdìrẹ” nìkan ni. Nígbà tí mo wo inú ojú ewé wa kan, ohun tí mo bá nìyí:

```html
Gbogbo <a href="/fifo-adire/">àdìrẹ</a> ẹlẹ́kọ wa
```

Ó gé gbólóhùn sí méjì. “Ẹlẹ́kọ”, ọ̀rọ̀ tó ń sọ irú aṣọ tó jẹ́, bọ́ síta líǹkì, “àdìrẹ” tó kù sì ń rán èèyàn lọ síbi ọṣẹ àti omi. Gbogbo sáìtì wa ló ń sọ fún Google pé ojú ewé fífọ̀ ló ń jẹ́ àdìrẹ.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó oníbàárà wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo rí i pé líǹkì yín pọ̀ dáadáa, èyí dára. Ẹ ní sùúrù fún Google.” Mo fi àwòrán ohun tí mo rí ránṣẹ́. Ó ní, “Bí ẹ̀rọ wa ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn mà. Ojú ewé tí àkọlé rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà ló ni ín.” Lóòótọ́, àkọlé ojú ewé fífọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Àdìrẹ:”, bí àwọn oníròyìn ṣe máa ń kọ àkọlé. Mo bi í pé, “Àbúrò, ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ, ibo ló yẹ kó dé?” Kò dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó fi ìtọ́ni kan ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó sì wà lórí líǹkì inú rẹ̀ ni “Tẹ ibí”. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn lórí ọ̀rọ̀ líǹkì! Lẹ́yìn náà ló ti ẹjọ́ mi pa, ó kọ “A ti yanjú rẹ̀” sí i. Mo tún un ṣí. Ẹlòmíràn gbà á, ó ní kí n fi líǹkì kún un sí i. Ká ní ibẹ̀ ni mo ti kọ àgbéyẹ̀wò yìí, èébú lásán ni ì bá jẹ́.

Ẹni kẹta ló pè mí lórí fóònù, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí i.” Ó mú mi lọ sí ibì kan nínú plọ́gíìnì náà tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn mí rí. Níbẹ̀, bí ẹ bá yan ojú ewé kan, gbogbo orúkọ tí ìyókù sáìtì fi ń pè é á tò sílẹ̀, pẹ̀lú iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde. Ó ní kí n ka ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ sókè. Mo kà á: “Wò ó.” “Kà sí i.” “Wò ó.” Àwọn kan sì ṣófo pátápátá.

Ó ṣàlàyé àwọn tó ṣófo yìí láìkánjú. Àwòrán ni wọ́n. Bí àwòrán bá di líǹkì, àlàyé tó wà nínú `alt` rẹ̀ ni Google máa ń lò bí ọ̀rọ̀ líǹkì, a kò sì kọ nǹkan kan sí tiwa. Ẹni tí kò ríran, tí fóònù ń kàwé fún, kò ní gbọ́ ohun tó yé e níbẹ̀ bákan náà. Àwọn àwòrán wa tó dára jù lọ ń nàka sí aṣọ wa láìsọ pé aṣọ kankan ni.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà kò lọ́jú pọ̀. A ní kí ẹ̀rọ má fọwọ́ kan “àdìrẹ” nìkan mọ́. A fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ojú ewé mìíràn kì í jẹ́. Ti ẹlẹ́kọ ń jẹ́ “àdìrẹ ẹlẹ́kọ”, “aṣọ tí a fi ẹ̀kọ láfún ya” tàbí “ẹlẹ́kọ aláwọ̀ ẹ̀lú”, bó bá ṣe bá gbólóhùn mu. Ti fífọ̀ ń jẹ́ “bí a ṣe ń fọ àdìrẹ kí aró má ṣí”. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn wá di:

```html
Gbogbo <a href="/adire-eleko/">àdìrẹ ẹlẹ́kọ</a> wa
```

Bótìnnì kan wà níbẹ̀ tó máa ń da ọ̀rọ̀ kan náà sí gbogbo ojú ewé lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n má tẹ̀ ẹ́, torí Google kò fẹ́ kí èèyàn máa rọ́ ọ̀rọ̀ àwárí kún inú líǹkì, òǹkàwé pàápàá á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bá ibẹ̀ mu. Ọ̀nà tó fún mi láti dán an wò ni pé kí n bo gbólóhùn tó yí líǹkì ká, kí n ka ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ nìkan. Bí àjèjì kò bá lè sọ ohun tó máa ṣí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tó. Mo fi ọ̀nà yìí yẹ gbogbo “Kà sí i” wa wò, mo sì pààrọ̀ wọn fúnra mi.

Kò yí padà lójú ẹsẹ̀. Ojú ewé tí líǹkì wà lórí rẹ̀ ni Google gbọ́dọ̀ padà wá kà, àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í sábà ṣí sì pẹ́ gan-an. Ní báyìí, ẹni tó bá wá àdìrẹ ẹlẹ́kọ wa ń dé ibi aṣọ, ẹni tó ń wá bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ náà ń dé ibi fífọ̀. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ojú ewé àdìrẹ oníko ni kò tíì kúrò níbi tó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a fún un ní orúkọ tó dára. Àwòrán díẹ̀ àti iye owó nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tó máa gbè orúkọ náà lẹ́yìn. Obìnrin yẹn ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ líǹkì kò lè sọ ojú ewé di ohun tí kò jẹ́.

Ibi tí wọ́n tò orúkọ sí yẹn nìkan tó owó tí mo san. Kò sí ọjọ́ tí mo gbé nǹkan tuntun sórí sáìtì tí mi ò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ mo bi wọ́n bóyá wọ́n á dín owó kù fún mi nítorí ọjà tí mo pàdánù, wọ́n ní kò sí nínú àdéhùn. Nínú èyí tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sórí sáìtì, ó ṣì ń fún ojú ewé tí àkọlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà, láìbi yín léèrè. Ẹ pa ètò yẹn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti sanwó ti ọdún tó ń bọ̀.