Kànga ẹ̀rọ abúlé àti dáàmù Ìkùn-Èkìtì: ìjọba wo ló yẹ kó bójú tó èwo?

Ìlànà kan wà nínú ètò ìjọba pé ìpele tó kéré jù lọ tí agbára rẹ̀ ká iṣẹ́ kan ni kó ṣe é. Èyí tó bá kọjá agbára rẹ̀ nìkan ló ń gòkè.

Kànga ẹ̀rọ abúlé, ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ ẹ́. Bí a bá ń tẹ ọwọ́ pọ́ǹpù tí omi ò jáde, rọ́bà inú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nítòsí lè pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá. Bó bá di pé ìwé gbọ́dọ̀ dé Adó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, odò làwọn ọmọ yóò ti máa pọnmi, ìyẹn ò sì dáa rárá.

Dáàmù Ìkùn yàtọ̀. Ilẹ̀ Mọ̀bà ló wà, àmọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn náà ń retí omi rẹ̀. Bí Mọ̀bà nìkan bá ń náwó sí i, kí ni yóò mú un tún páìpù tó ń lọ sílùú ẹlòmíì ṣe? Ìpínlẹ̀ ló ni ìyẹn. Àyẹ̀wò omi kànga náà, ìpínlẹ̀ ni, torí ó gba yàrá àyẹ̀wò. Bí owó ìbílẹ̀ ò bá tó ra rọ́bà, kí ìpínlẹ̀ fowó ràn án lọ́wọ́ ni, kó má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.