R134a àbí R600a: fíríìjì wo ni ká gbé wálé, àti bí gáàsì inú ẹ̀ ṣe ń kó ooru jáde

Tó bá jẹ́ ìwọ ni màmá máa ń mú dání lọ sọ́jà torí ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan ẹlẹ́tíríìkì nínú ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn ẹ́ gan-an. Ẹ máa dúró síwájú fíríìjì méjì, wọ́n ga bákan náà, owó wọn ò jìnnà síra, ẹni tó ń tà á á ní "màmá, méjèèjì ló dáa, ẹ mú èyí tó bá wù yín." Tó o bá wá bẹ̀rẹ̀ tó o ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn, ọ̀kan máa kọ R134a, ìkejì máa kọ R600a. Orúkọ gáàsì tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ wò kó o tó wo àwọ̀ tàbí ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí gáàsì yẹn ń ṣe níbẹ̀ ná. Fíríìjì kì í ṣe òtútù o, kò sí nǹkan kan tó ń da òtútù sínú ẹ̀. Ooru tó wà nínú omi àti ọbẹ̀ tẹ́ ẹ kó sínú ẹ̀ ló máa ń gbé jáde wá sínú yàrá, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò. Lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì ilé yín tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ooru tó o bá níbẹ̀ yẹn, ooru ọbẹ̀ àná wà nínú ẹ̀.

Àwọn ìyá wa àgbà ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Omi inú àmù máa ń tutù ju omi inú báfù lọ, torí omi máa ń là jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, atẹ́gùn á gbẹ ẹ́, omi tó sì ń gbẹ yẹn gbọ́dọ̀ rí ooru gbà kó tó lè gbẹ, ara ìyókù omi tó wà nínú àmù ló ti máa gbà á. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí nọ́ọ̀sì bá fi sípírítì nu apá ẹ kó tó fún ẹ lábẹ́rẹ́, tí ibẹ̀ á kàn tutù yọ̀ọ̀. Ohun tó jẹ́ olómi, tó bá ti ń di atẹ́gùn, ó gbọ́dọ̀ gba ooru lára nǹkan tó wà nítòsí ẹ̀.

Wàhálà àmù ni pé omi tó bá gbẹ lọ ti lọ nìyẹn, kò sì lè tutù dé ibi tí ẹran á ti dì. Fíríìjì tún nǹkan méjèèjì yìí ṣe. Wọ́n wá nǹkan tó máa ń hó níbi tí nǹkan ti tutù gan-an, R134a máa ń hó ní bíi -26 dígírì, R600a ní bíi -12 dígírì, nígbà tí omi tiwa ń dúró dé 100. Lẹ́yìn náà wọ́n tì í mọ́ inú páìpù tó dé pátápátá kó má ráyè sá lọ, kí wọ́n lè máa lo ọ̀kan náà lọ títí.

Ó máa ń lọ yípo báyìí. Nínú páìpù tó wà lẹ́yìn ògiri fírísà, gáàsì yẹn wà bí olómi, ó ń hó. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń hó níbi tí yìnyín wà, torí fún òun ibẹ̀ gbóná, ó sì ń gba ooru lára oúnjẹ bó ṣe ń hó. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn nǹkan dúdú bí ìkòkò kékeré tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, á fa gáàsì tó ti hó tán yẹn, á sì fún un pọ̀ mọ́ra. Tó o bá ti fi pọ́ńpù fún táyà kẹ̀kẹ́ rí, o mọ̀ pé ìdí pọ́ńpù máa ń gbóná, atẹ́gùn tí wọ́n bá fún pọ̀ máa ń gbóná ni, gáàsì yìí náà á sì gbóná ju inú yàrá lọ. Á wá gba inú páìpù ẹ̀yìn tàbí ti ẹ̀gbẹ́ kọjá, atẹ́gùn inú yàrá á gba ooru lára ẹ̀, á padà di olómi. Ó ku ibì kan, páìpù bàbà kan tó gùn tó mítà méjì sí mẹ́ta ṣùgbọ́n tí ihò inú ẹ̀ ò tó mílímítà kan. Olómi á máa fún ara ẹ̀ kọjá níbẹ̀, tó bá bọ́ sí òdìkejì, níbi tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti ń fa gáàsì, kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ooru míì tún ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, èyí ló jẹ́ kó yé èmi gan-an. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 sínú fíríìjì ní 30 dígírì, ẹ fẹ́ kó di 5 dígírì. Lítà kan gba bíi 4.2 kílójúùlù fún dígírì kan, torí náà 5 ní ọ̀nà 25 ní ọ̀nà 4.2, ó jẹ́ 525 kílójúùlù tó gbọ́dọ̀ jáde. Gíráàmù R600a kan tó bá hó tán máa ń gba nǹkan bíi 0.36 kílójúùlù, a jẹ́ pé bíi 1,450 gíráàmù gbọ́dọ̀ hó nítorí kẹ́ẹ̀gì yẹn nìkan. Gáàsì tó wà nínú fíríìjì ọ̀hún lè má ju 50 gíráàmù lọ! Ó gbọ́dọ̀ yípo tó ìgbà 29, ó tiẹ̀ máa ju bẹ́ẹ̀ lọ torí díẹ̀ nínú ẹ̀ máa ń hó dànù bó ṣe ń jáde nínú páìpù tín-ín-rín yẹn, kó tó kan ooru omi yín. Ìdí nìyẹn tí omi kì í tutù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bó ti wù kẹ́ ẹ yí nọ́ńbà thẹ́mósítáàtì dé 7, nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ ibi tó máa tutù dé ni, kì í mú un yára.

Ní báyìí ká gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

| | R134a | R600a |
|---|---|---|
| Ibi tó ti ń hó | bíi -26 dígírì | bíi -12 dígírì |
| Ooru tí gíráàmù kan ń gbà | bíi 0.22 kílójúùlù | bíi 0.36 kílójúùlù |
| Ìtẹ̀ nínú páìpù gbígbóná, ní 50 dígírì | bíi ìlọ́po mẹ́fà ti táyà ọkọ̀ | kò tó ìlọ́po mẹ́ta |
| Ṣé ó ń gbiná | rárá | bẹ́ẹ̀ ni |

Ìlà kẹta yẹn ni kó o tẹjú mọ́. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ R134a gbọ́dọ̀ ti gáàsì wọ ibi tó há gan-an, ti R600a ò le tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó máa dákẹ́ jẹ́ẹ́, iná tó ń jẹ sì sábà máa ń kéré sí i. Mo ní sábà o, torí bí ara fíríìjì ṣe nípọn tó àti bí rọ́bà ilẹ̀kùn ṣe di mọ́ra tó náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀, nítorí náà tí wọ́n bá lẹ bébà iná mọ́ ọn, fi nọ́ńbà kWh ọdún kan tó wà níbẹ̀ wé ti ìkejì, èyí tó kéré ló dáa fún míítà yín.

Ọ̀rọ̀ pé R600a ń gbiná ni màmá máa bẹ̀rù, kò sì burú kí wọ́n bẹ̀rù. R600a àti gáàsì ìdáná, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n sílíńdà tó wà ní kíṣìnnì yín gba 12.5 kílò, fíríìjì gba bíi 50 gíráàmù, ìyẹn ìdá kan nínú 250. Tó bá wà níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò gún páìpù ẹ̀, kò sí ewu tó yẹ kó lé yín sá. Ibi tí ewu wà ni ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe, tó bá tan iná láti jó páìpù nígbà tí gáàsì ṣì kù nínú ẹ̀. Àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò tó ní iná láàárín, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìkìlọ̀ tiẹ̀ nìyẹn.

R134a ò gbiná, ṣùgbọ́n tó bá jò jáde ó máa ń há ooru mọ́ ayé, kílò kan ẹ̀ tó bíi 1,400 kílò èéfín kábọ́ọ̀nù. Torí ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fẹnu kò ní Kigali ní Rwanda lọ́dún 2016 láti máa dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíríìjì sì ti ń kúrò lórí ẹ̀. Fíríìjì tuntun tó o bá rí lónìí, R600a ló máa pọ̀ jù nínú wọn, R134a lo máa bá nínú àwọn tó ti pẹ́ àti nínú tòkunbọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ yẹn náà, rántí pé òfin Nàìjíríà ò gbà kí wọ́n kó fíríìjì àlòkù wọlé láti òkè òkun, nítorí náà kò sí gàràǹtì tó o máa rí mú bọ̀.

Àǹfààní kan tí R134a ní lóòótọ́ ni pé oníṣẹ́ fíríìjì tó bá wà ládùúgbò yín á mọ̀ ọ́n, gáàsì ẹ̀ wà níbi gbogbo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa nìyí. Fíríìjì R600a wa ò tutù mọ́, oníṣẹ́ kan wá, kò ka bébà, ó da R134a sínú ẹ̀. Ó tutù fún ọjọ́ díẹ̀, inú gbogbo wa dùn, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wá ń gbóná débi pé mi ò lè gbọ́wọ́ lé e, ó ń pa ara ẹ̀ tó ń tan ara ẹ̀, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi jóná pátápátá. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ R600a tóbi nínú torí gáàsì ẹ̀ fẹ́lẹ́, tó o bá fi R134a tó wúwo kún un, ẹrù ti ju agbára ẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an torí ìlà kan péré ló yẹ kó kà.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ èmi, R600a ni mo máa rà, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ wa bóyá ó ní síkéèlì tó ń wọn gíráàmù. Gáàsì 50 gíráàmù, tó bá fi 15 ṣàṣìṣe, ó ti kọjá ìdá mẹ́rin ẹ̀, ẹni tó bá ń fi etí àti ọwọ́ nìkan díwọ̀n ẹ̀ ò lè mú un.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n tan án fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ẹ̀, ó yẹ kó ti lọ́wọ́ọ́rọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ẹ̀gbẹ́ tó ń gbóná ti bàjẹ́. Ṣí fírísà, fọwọ́ kan gbogbo ògiri inú ẹ̀, ó yẹ kó tutù káàkiri, tó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ló ń tutù, gáàsì ẹ̀ ti lè dín. Tí wọ́n bá pa á, má jẹ́ kí wọ́n tún tan án lójú ẹsẹ̀, dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, torí gáàsì tó ṣì ń tẹ̀ lápá gbígbóná máa ń gba àsìkò kó tó rọ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ò sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ ẹrù yẹn, ohun kan náà ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń ṣe fún un nílé, ẹ ra sitabiláísà tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná wọlé.

Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ fi àyè bí ìbú ọwọ́ kan sí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ má sì fi ọ̀bẹ họ yìnyín inú ẹ̀ láé, páìpù álúmíníọ́ọ̀mù tí gáàsì ń gbà kọjá wà lẹ́yìn yìnyín yẹn gan-an.