Tábìlì mi pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tètè sọ fún mi

Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 14 ni ilé ìtajà tí mo ti ra tábìlì ìkọ̀wé lórí ayélujára ṣèlérí pé yóò dé ọ̀dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ajé ọjọ́ 11, àtẹ̀jíṣẹ́ wọn wọlé sórí fóònù mi:

"Ẹ jọ̀ọ́, tábìlì yín kò ní lè dé lọ́jọ́ 14. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, a rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sán, a sì ti ní kí wọ́n ṣe òmíràn. Ọjọ́rú ọjọ́ 27 ni a óò gbé e wá. Ẹ má bínú, àwa la kùnà. Bí ọjọ́ yẹn kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fèsì pé DÁ OWÓ PADÀ, owó yín yóò wọlé láàárín ọjọ́ 3."

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fẹ́ wá gbé tábìlì mi àtijọ́ lọ lọ́jọ́ 13, mo sì ráyè pè é pé kó dúró ná. Ká ní ọjọ́ 14 ni wọ́n tó sọ ni, ilẹ̀ ni ǹ bá ti máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Níbi tí mo ti ra àga ṣáájú, ọjọ́ ti kọjá kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní "láìpẹ́", wọ́n tún ní "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀". Ọ̀sẹ̀ náà dé, wọ́n tún sún un síwájú. Ẹ̀bẹ̀ wọn kún ojú ìwé, kò sí ọjọ́ kan pàtó nínú rẹ̀. Sísún tí wọ́n ń sún un yìí ló dùn mí ju pípẹ́ àkọ́kọ́ lọ.

Mo pe ilé ìtajà tábìlì, mo bi obìnrin tó gbé e pé báwo ni wọ́n ṣe mú ọjọ́ 27. Ó ní ọjọ́ 22 ni ẹsẹ̀ tuntun máa dé, títò àti yíyẹ̀wò máa gba ọjọ́ 2, àwọn sì fi ọjọ́ díẹ̀ kún un kí àwọn má baà tún yẹ àdéhùn. Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n dúró.

Ibi tí wọ́n ti ṣì í ṣe ni pé wọn kò yí ọjọ́ padà lójú ìwé tí a ti ń wo ibi tí ọjà dé. Ọjọ́ 14 ló ṣì wà níbẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń lọ fúnra rẹ̀ sì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà pé "Tábìlì yín ń bọ̀ lónìí". Mo jókòó ti ẹnu ọ̀nà títí di ọ̀sán kí n tó pè wọ́n. Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, àwa la gbàgbé," ó sì tún un ṣe kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ 26 ni tábìlì dé, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le dáadáa. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ti àárọ̀ ọjọ́ 14 yẹn ni mo yọ kúrò.