Iná VPN náà ń tàn, àdírẹ́sì mi sì ti dé ọwọ́ àjèjì

Iṣẹ́ VPN yìí, tó yẹ kó máa fi àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì mi pamọ́ fún àjèjì, ni mo ń lò láti ìgbà tí mo ti ń ran àwọn tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í fẹ́ fún mi ní nọ́ńbà wọn, èmi náà kì í fún wọn ní tèmi. Ojú-ewé ìpè kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú bùráúsà la fi ń sọ̀rọ̀: màá fi líǹkì ránṣẹ́, ẹni náà á tẹ̀ ẹ́, a ó sì máa gbóhùn ara wa. Ẹni tí líǹkì bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ lè wọlé, títí kan àwọn ayánilówó gan-an. Ìdí tí mo fi ń sanwó VPN nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin kan wọlé, ó ní òun jẹ gbèsè, àmọ́ èmi ni gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ń wádìí. Mo gé ìpè náà. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi wọlé sí ojú-ewé wa. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń fún mi ní íńtánẹ́ẹ̀tì, "Ìbàdàn", àti àdírẹ́sì kan tó jẹ́ nọ́ńbà. Mo ṣí ráútà mi, mo wo àdírẹ́sì ìta tó wà níbẹ̀. Òun náà ni, nọ́ńbà kan ṣoṣo kò yàtọ̀. Ní gbogbo àsìkò ìpè yẹn, VPN wà lójú kọ̀ǹpútà mi, ó kọ "Connected", ó sì kọ Amsterdam sí abẹ́ rẹ̀. Inú bí mi débi pé oúnjẹ alẹ́ kò wọ̀ mí lẹ́nu.

Àdírẹ́sì yẹn nìkan kò lè mú ẹnikẹ́ni dé ẹnu ọ̀nà mi. Ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní àkọsílẹ̀ tó so ó mọ́ orúkọ àti ojúlé, wọn kì í sì í kàn fà á lé ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó ń fi ìdẹ́rùbà jẹun ti mọ ìlú tí mo wà, ó ti mọ ilé-iṣẹ́ tí ó yẹ kó lọ wá ojúlùmọ̀ sí. Ohun tí mo sanwó kí wọ́n bá mi bò gan-an ni.

Brọ̀dá tó ta VPN náà fún mi ní Queen Cinema, n'Ìbàdàn níbí, ni mo kọ́kọ́ pè. Náírà ló ń gbà, kí wàhálà fífi káàdì báǹkì san dọ́là má baà dí wa lọ́wọ́, kò sì rẹ́ mi jẹ rí. "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ló ní, "tó bá ti kọ Connected, kò sí ohun tó ń jò níbẹ̀." Mo ní kó jọ̀wọ́ gbọ́ mi dáadáa, àdírẹ́sì mi ló wà lójú mi yìí. Ó ní kí n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn. Ìyẹn sì dáa, nítorí ó ju kéèyàn máa purọ́ lọ.

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn lójú ṣáàtì ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún tàn án. Mo ṣe é. Ó ní kí n yọ áàpù náà kí n tún fi í sí i. Mo ṣe é. Ó wá fi ojú-ewé àyẹ̀wò tiwọn ránṣẹ́, ó ní kí n ṣí i: Amsterdam níbi gbogbo, àmì aláwọ̀ ewé, "No leaks". "Ẹ ti rí i báyìí, mà, kò jò." Mo fi àwòrán àdírẹ́sì tí ọkùnrin yẹn kọ ránṣẹ́ sí i, mo tún fi ti ojú ráútà mi ránṣẹ́. Ó dáhùn pé ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà ti rí i níbòmíràn. Ó ti ẹjọ́ mi pa, wọ́n wá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé báwo ni mo ṣe rí ìrànlọ́wọ́ náà sí. Mo kọ gbogbo ohun tó wà nínú mi síbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yẹn ló bọ́ sí ọwọ́ obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá díẹ̀ sí i. Kò bẹ̀ mí, kò ní kí n tún kọ̀ǹpútà tàn. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Ṣé ẹ fún ojú-ewé ìpè yẹn láyè láti lo makirofóònù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀? Ó ní, "Ojú-ewé àyẹ̀wò wa kì í béèrè makirofóònù. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà." Láti ibẹ̀ lọ ni ìbínú mi ti ń rọlẹ̀, torí pé ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. WebRTC ni ohun tó wà nínú bùráúsà tó ń jẹ́ kí ohùn lọ tààrà láti kọ̀ǹpútà mi sí ti ẹlòmíràn. Kí ìpè tó bẹ̀rẹ̀, bùráúsà á fi pákẹ́ẹ̀tì kékeré kan ránṣẹ́ sí sáfà tí wọ́n ń pè ní STUN, sáfà náà á sì dá a lóhùn pé, "Àdírẹ́sì báyìí ni mo rí ọ láti ibẹ̀." Gbogbo àdírẹ́sì tó bá rí gbà ni á kó fún bùráúsà ẹni kejì, kí àwọn méjèèjì lè dán ọ̀nà wọn wò. Tí ojú-ewé kan kò bá tíì gba àṣẹ makirofóònù tàbí kámẹ́rà, ọ̀nà àkọ́kọ́ kọ̀ǹpútà nìkan ni Chrome máa ń lò fún ìbéèrè yìí, ìyẹn VPN. Tí o bá ti fún un láṣẹ, á béèrè láti orí gbogbo ọ̀nà tó bá rí: VPN lọ́tọ̀, Wáìfáì lọ́tọ̀. Èyí tó gba ti Wáìfáì ló gbé àdírẹ́sì Ìbàdàn mi wá.

Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní ìdí tiwọn. Ní January 2015, Daniel Roesler gbé kóòdù kan sórí GitHub tó fi hàn pé ojú-ewé èyíkéyìí lè gba àdírẹ́sì yìí láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tó yá ni wọ́n dín in kù, wọ́n sì kọ ìlànà rẹ̀ sínú ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní RFC 8828 ní 2021: ẹni tí o bá fún láyè láti gbóhùn rẹ ni wọ́n kà sí ẹni tí o fọkàn tán. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́ mi kì í ṣe ẹni tí mo fọkàn tán.

Obìnrin náà wá ní kí n fi ojú ara mi rí i. Mo ṣí `chrome://webrtc-internals` sí tábù kan, mo bẹ̀rẹ̀ ìpè ní tábù kejì, mo sì fún un ní makirofóònù. Mo wá ìlà tó bá ní `typ srflx`, ìyẹn àdírẹ́sì tí STUN sọ pé òun rí. Méjì ló jáde (mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà wọn níbí):

```
198.51.100.14 50312 typ srflx
203.0.113.27  61877 typ srflx
```

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti Amsterdam. Ti kejì jẹ́ tèmi. Ká ní ọmọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn mọ ojú-ewé yìí ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìdí tí Wáìfáì fi ṣì ń rí ọ̀nà jáde ni èyí tó dùn mí jù. Nígbà tí áàpù wọn bá so pọ̀, á fi ọ̀nà tuntun síwájú èyí tó wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ kì í yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Ohun tó bá ti dìídì fi àdírẹ́sì Wáìfáì jáde á gba ọ̀nà àtijọ́ yẹn kọjá. Ohun tó ń dí i ni bọ́tìnì "Kill switch" tó wà nínú áàpù náà, tó ń sọ fún fáyàwọ́ọ̀lù Windows pé kó má jẹ́ kí ohunkóhun jáde àyàfi láti inú VPN. Pípa ni wọ́n pa á nígbà tí wọ́n tà á fún wa. Àlàyé tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ó wà fún ìgbà tí VPN bá já, kò sí ọ̀rọ̀ ìpè níbẹ̀ rárá. Mo tàn án, mo tún pè, ìlà kejì kò jáde mọ́. Obìnrin náà tún fún mi ní àṣẹ kan fún Chrome, tí a ń tẹ̀ nínú Command Prompt tí a ṣí gẹ́gẹ́ bí Administrator:

```
reg add HKLM\SOFTWARE\Policies\Google\Chrome /v WebRtcIPHandling /t REG_SZ /d default_public_interface_only
```

Èyí sọ fún Chrome pé kó máa lo ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan, bí a tilẹ̀ fún ojú-ewé ní makirofóònù. Ìpè kò bàjẹ́, ohùn ṣì já geere. Tí o bá ti pa Chrome tí o tún ṣí i, wo `chrome://policy`, wàá rí i níbẹ̀. Firefox ní tiẹ̀ nínú `about:config`: `media.peerconnection.ice.default_address_only`, sọ ọ́ di `true`.

Mo rò pé ó ti parí. Obìnrin náà ló ní ká wo DNS pẹ̀lú. Tí a bá tẹ orúkọ ojú-ewé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá wa wá àdírẹ́sì rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì mi ló ń wá a, wọ́n á mọ orúkọ gbogbo ibi tí mo ń lọ, ẹni tó ni ojú-ewé náà sì lè rí i pé láti Nàìjíríà ni ìbéèrè ti wá nígbà tí èmi ń sọ pé Amsterdam ni mo wà. Nínú PowerShell ni mo ti tẹ èyí:

```
Resolve-DnsName o-o.myaddr.l.google.com -Type TXT
```

Àdírẹ́sì ẹni tó bá wa béèrè ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń gbé wá. Windows 10 máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọ̀nà tó ní lẹ́ẹ̀kan náà, á sì mú ìdáhùn tó bá yá jù. Mo tún un tẹ̀ léraléra, mo máa ń dúró díẹ̀ kí ìdáhùn àtijọ́ kúrò nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Nígbà mìíràn Amsterdam ló ń dáhùn, nígbà mìíràn ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì mi. Kill switch sì wà ní títàn o!

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ló fa á. Kí n lè máa tẹ̀wé ni mo ṣe tan "Allow local network". Ráútà mi, 192.168.1.1, wà nínú ilé náà, òun sì ni Wáìfáì fi ṣe DNS. Kill switch rí i pé inú ilé ni ìbéèrè ń lọ, ó jẹ́ kó kọjá, ráútà sì gbé e fún ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin yìí ní kí n fi ọwọ́ ara mi yí DNS Wáìfáì sí 9.9.9.9, ìyẹn DNS Quad9 tí ẹnikẹ́ni lè lò. Ìyẹn kì í ṣe àdírẹ́sì inú ilé, nítorí náà kò rí ọ̀nà jáde àfi tó bá gba inú VPN. Mo ṣe é, ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì mi kò dáhùn mọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi sì ń ṣiṣẹ́.

VPN náà yára, owó rẹ̀ kò pọ̀ jù, kì í já lójijì. Obìnrin yẹn sì dúró tì mí títí gbogbo rẹ̀ fi tò, ó tún padà wá béèrè ní ọjọ́ kejì. N kò rí irú rẹ̀ níbi tí mo ti ń ra nǹkan orí íńtánẹ́ẹ̀tì rí. Mo ti tún san ti ọdún tó ń bọ̀ fún brọ̀dá ní Queen Cinema, mo sì fi ojú-ewé `webrtc-internals` hàn án kó lè máa fi han àwọn tó bá ra tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú-ewé àyẹ̀wò wọn kò tíì máa béèrè makirofóònù, kill switch ṣì wà ní pípa fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra á, "No leaks" ni wọ́n sì ń kọ fún un.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.