Rọpárọsẹ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì àti ti iṣan tó bẹ́: ẹ wo aago o

Àwọn méjèèjì jọra gan-an, ẹnu á wọ́, apá kan á rọ, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán dá wọn mọ̀, àfi síkáànù orí. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan ọpọlọ, abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ọ wà, àmọ́ láàárín wákàtí 4 àtààbọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ti ìkejì, iṣan ló bẹ́, tí wọ́n bá ṣèèṣì gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ máa dà sínú ọpọlọ ni (ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn kéèyàn fún un ní asipirín nílé, torí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì), ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n máa ń sáré rọ̀ wálẹ̀. Ibi tó ń dunni jù: ẹni tó sùn láago 10 alẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe é, tó jí láago 6 tápá ò gbé mọ́, aago 10 ni dókítà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wákàtí 8 ti lọ nìyẹn, àfi tí síkáànù àkànṣe bá fi hàn pé ibì kan ṣì wà nínú ọpọlọ tí wọ́n lè gbà là.