Akẹtẹ̀ ìko àbí háàtì kákí: èwo ló yẹ ẹni tí oòrùn ń pa látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń roko, tẹ́ ẹ ń sá láfún, tẹ́ ẹ ń mọlé, gbogbo ẹni tí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ń nà látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ohun táwọn èèyàn sábà máa ń bi mí ni pé ṣé káwọn ra akẹtẹ̀ olétí gbàǹgbà tí wọ́n fi ìko hun, àbí káwọn ní kí télọ̀ rán háàtì kákí fáwọn. Mo ti lo méjèèjì. Ọ̀nà Ìkòyí-Ilé loko wa wà, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ la gbìn síbẹ̀, ọkọ́ la sì fi ń ro ó, torí náà ẹ fi sọ́kàn pé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ o, kì í ṣe ẹni tó jókòó sábẹ́ ibojì.

Fesikáàpù ò sí nínú ìdíje yìí rárá. Iwájú nìkan ló mọ̀, etí méjèèjì àti ẹ̀yìn ọrùn ń jóná, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ dáa tó. Àwọn kan tiẹ̀ ń lẹ UPF 50 mọ́ ọn, ìyẹn ni pé nínú ìpín 50 ìtànṣán oòrùn tó bá bà lé aṣọ yẹn, ẹyọ kan péré ló máa gbà á kọjá, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibi tí aṣọ bò nìkan lọ̀rọ̀ yẹn wà fún. Kò sọ nǹkan kan nípa ibi tí aṣọ ò dé.

Ká wá sórí fífẹ̀ etí háàtì. Àwọn dókítà awọ ara sábà máa ń sọ pé kó má dín ní íǹṣì 3 yípo, àmọ́ ẹ lè fojú ara yín rí ìdí ẹ̀. Ẹ dúró sínú oòrùn kẹ́ ẹ wo òjìji yín. Tó bá gùn tó yín gẹ́lẹ́, iye íǹṣì tí etí háàtì bá fi yọ síta náà ni òjìji rẹ̀ máa fi sọ̀kalẹ̀ sójú yín. Lásìkò òjò, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ kù díẹ̀, àti lọ́wọ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀. Mo fi téèpù wọn ojú tèmi láti ibi tí háàtì dé títí dé àgbọ̀n, íǹṣì 7 ni. Háàtì bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní etí íǹṣì 2, ẹyinjú nìkan ló máa bá mi bò, imú wà níta. Íǹṣì 3 àbọ̀ ti kákí dé imú, íǹṣì 5 ti akẹtẹ̀ dé ẹnu.

Tí oòrùn bá wá gòkè sí i, òjìji etí yẹn á gùn sísàlẹ̀ sí i. Nínú oṣù kẹrin àti níparí oṣù kẹjọ, ọ̀gangan orí wa gan-an loòrùn máa ń wà lọ́sàn-án, bọ́kẹ́ẹ̀tì pàápàá á bo ojú wa dáadáa nígbà yẹn. Ọyẹ́ ló ń tan èèyàn jẹ. Ní oṣù kejìlá, apá gúúsù loòrùn máa ń dà sí, kì í dé orí wa lọ́sàn-án gangan, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wọlé síni lójú. Íǹṣì 2 ò lè bò ju íǹṣì 3 àti díẹ̀ lọ lọ́sàn-án ọyẹ́, 3 àbọ̀ máa bò tó íǹṣì 6 kù díẹ̀, 5 máa bojú tán á sì kan ọrùn. Béèyàn bá wá wo ti fífẹ̀ nìkan, akẹtẹ̀ ló borí, mi ò ní jiyàn.

Àmọ́ ìgbà téèyàn bá nàró nìyẹn. Ẹ gbé ọkọ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ló dojú kọ ọ̀run báyìí, tẹ́ ẹ bá sì wá gbórí díẹ̀ láti wo ebè tó wà níwájú, etí akẹtẹ̀ tó wà lẹ́yìn á gún yín ní ẹ̀yìn, á ti gbogbo háàtì síwájú, á wá bò yín lójú. Ẹ̀ẹ́ tì í sẹ́yìn, ẹ̀ẹ́ gbé ọkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ti dé. Tó bá pẹ́, ṣe lẹ ó ṣí i kúrò lórí kẹ́ ẹ gbé e kọ́ igi, íǹṣì 5 tó wà lórí igi ò sì bo ẹnì kankan. Kákí 3 àbọ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀ tó bá kan ẹ̀yìn, kò ní kúrò níbi tó wà. Ẹni tó ń nàró ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà tàbí tó ń da màlúù, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn án, àwọn Fúlàní tó ń dé akẹtẹ̀ tí wọ́n fi awọ rán létí yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ibi tó dùn mí jù la dé yìí o: ohun tí wọ́n fi hun ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra akẹtẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́. Ọ̀kan tí mo rà nínú ìlú níbí, ìyá tó tà á fún mi búra pé ìko gidi ni, ó ní ó máa pẹ́ ju aṣọ ọrùn mi lọ, ó sì rẹwà lóòótọ́, etí ẹ̀ le ganan, owó ẹ̀ náà le. Òjò àkọ́rọ̀ kan ṣoṣo ló pa á. Kó tó di pé mo délé etí ẹ̀ ti wó bo èjìká mi, nígbà tó gbẹ ó ká bí ewé gbígbẹ, kò sì padà sípò mọ́ títí mo fi sọ ọ́ nù. Ìwé ni! Ìwé ni wọ́n lọ́ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n pa á láró ìko, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lé e lára kó lè le, wọ́n wá hun ún. Ó kún ọjà. Mo padà lọ bá ìyá yẹn, ó ní ṣé òun lòun rọ òjò ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé, ìṣẹ́jú kan péré ni. Ẹ yí háàtì náà dojú dé, ẹ ṣí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń kan iwájú orí, ẹ máa rí orí okùn kan tí wọn ò gé tán lábẹ́ ẹ̀. Ẹ fi itọ́ tàbí omi kan án, ẹ wá fi ìka méjì tú u. Tó bá jẹ́ ìwé, á rọ̀, á ṣí sílẹ̀ pẹrẹsẹ bíi tíṣù, tẹ́ ẹ bá fà á díẹ̀ á já. Ìko gidi kì í tú, ṣe ló máa là gígùn sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, á sì ṣòro já. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án níbẹ̀, ẹ ti gba èsì yín nìyẹn.

Ohun kejì lára akẹtẹ̀ ni ihò. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn, kẹ́ ẹ tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀. Òjìji tó bá dúdú dáadáa ló dáa, àmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá tò sórí ọwọ́ yín tóótòòtó bí ara ẹtù, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa tò sójú yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀, etí íǹṣì 5 onihò ò sì tó 3 tí ò nihò. Èyí tí wọ́n hun fún ẹwà ló máa ń rí báyẹn, èyí tí wọ́n hun pinpin wà lóòótọ́, ó kàn wúwo díẹ̀ sí i ni. Lásìkò ọyẹ́ ẹ tún ní láti ṣọ́ra, ìko gbígbẹ máa ń sán níbi tí wọ́n ti máa ń fọwọ́ mú un lókè orí, ẹ máa fi etí ẹ̀ gbé e, kẹ́ ẹ sì dojú ẹ̀ sókè tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀, kí etí má baà tẹ̀.

Kákí ò ní gbogbo ẹjọ́ yìí. Aṣọ tó nípọn tí wọ́n hun pinpin kì í gbà kí oòrùn kọjá, òógùn ò sì ṣe é ní nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yàtọ̀, tó bá ti tutù, oòrùn á máa gbà á kọjá ju ìgbà tó gbẹ lọ, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tàbí aṣọ fúyẹ́ rán an fún yín. Àléébù kákí ni ooru, ó ń mú orí gbóná ju ìko lọ. Ihò onírin méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, àti kí orí ẹ̀ ga díẹ̀ kó má lẹ̀ mọ́ àtàrí, máa dín in kù, kò ní mú un kúrò pátápátá.

Àwọ̀: òkè lè funfun tàbí kó jọ ti yanrìn, àmọ́ abẹ́ etí kó dúdú, torí ilẹ̀ gbígbẹ àti kọńkéré máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sókè, abẹ́ funfun á sì tún ta á sí yín lójú. Afẹ́fẹ́: okùn àgbọ̀n ni, fún méjèèjì. Fífọ̀: kákí ṣe é fi ọṣẹ fọ̀, akẹtẹ̀ aṣọ tútù lẹ fi máa nù ún.

Èwo wá ni ká rà? Tẹ́ ẹ bá jẹ́ àfín, fífẹ̀ lẹ fi ṣáájú, íǹṣì 5 tí wọ́n hun pinpin, pẹ̀lú aṣọ olápá gígùn, kẹ́ ẹ fara da ìnira tó bá wà níbẹ̀. Tí iṣẹ́ yín ò bá la bíbẹ̀rẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ sì rí ìko gidi, akẹtẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sórí, ẹ ò ní kábàámọ̀. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ nílẹ̀, tàbí tí òjò máa bá lọ́nà, tàbí tí ò lágbára láti máa dán okùn wò nínú ọjà, ẹ lọ bá télọ̀ yín.

Ẹ ra kákí, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi kó sún kì tán kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún télọ̀. Ẹ jẹ́ kó wọn orí yín pẹ̀lú irun tẹ́ ẹ sábà máa ń dì, kó fi ààbọ̀ íǹṣì sí i. Etí íǹṣì 3 àbọ̀ yípo, kó gé e róbótó bí abọ́, torí tó bá gé e bí ìgbànú ó máa dorí kodò bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìpele kákí méjì, aṣọ líle tí wọ́n máa ń fi sínú kọ́là láàárín, kó wá fi máṣíìnì rán an yípo-yípo láti orí dé etí, ìlà kan sí èkejì kó má ju ìbú ìka ọwọ́ kékeré lọ, àwọn ìlà yẹn ló ń mú un dúró. Tó bá ní páálí lòun fẹ́ ki sínú ẹ̀ torí ó yá, ẹ gba kákí yín lọ́wọ́ ẹ̀, omi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fi fọ̀ ọ́ ló máa sọ páálí yẹn di ẹ̀kọ.