Grafana lórí fóònù kékeré: ohun tójú mi rí ní ilé ìnkúbétọ̀ wa

Grafana ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ bá wọ̀n hàn lójú ìwé kan. Gbogbo àgbéyẹ̀wò ẹ̀ tí mo kà kí n tó gbé e wọlé, orí kọ̀ǹpútà ńlá ni àwọn tó kọ ọ́ ti lò ó, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ tèmi. Ibi tí wọ́n ti ń fi ìnkúbétọ̀ sàba ẹyin adìẹ ni mo ń bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ mẹ́ta la ní, inú oko ló wà, tó bá ti dìrọ̀lẹ́ báyìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já wá sí 2G. Ọmọ tó ń sùn síbẹ̀ lálẹ́, fóònù Áńdírọ́ìdì kékeré ló ń lò, fífẹ̀ ojú ẹ̀ ò ju píksẹ́ẹ̀lì 360 lọ. Ẹyin ò sì mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa o. 37.5°C la fẹ́ kí ẹ̀rọ wà, tó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an fún wákàtí mélòó kan, ọmọ inú ẹyin lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Dáṣìbọ́ọ̀dù ni ojú ìwé tí Grafana ń kó nọ́ńbà jọ sí, àpótí kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, pánẹ́ẹ̀lì 14 ló wà lórí ẹ̀, ó sì rẹwà lójú mi lórí láptọ́ọ̀pù. Tí Grafana bá ti rí i pé ojú fóònù kéré, òun fúnra ẹ̀ á to gbogbo pánẹ́ẹ̀lì lé ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ìkejì, bó o ṣe máa kà á láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ìyẹn dáa, kò sóhun tó gé kúrò. Àmọ́ ẹ̀rọ kẹta tí mo fi sí ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ló wá di pánẹ́ẹ̀lì kẹrìnlá, ọmọ yẹn á sì fi àtàǹpàkò yí i títí kó tó débẹ̀. Mo pè é lóru ọjọ́ kan, mo ní ẹ̀rọ kẹta ńkọ́, ó ní "Brọ̀dá, mi ò tíì débẹ̀ o, ó ṣì ń yí." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tí mo ṣe ò wúlò fún ẹni tí mo tìtorí ẹ̀ ṣe é.

Mo wá ṣe dáṣìbọ́ọ̀dù míì sọ́tọ̀ fún fóònù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní kó dáhùn: ṣé kí ọmọ yìí dìde lórí ẹní àbí kó máa sùn? Pánẹ́ẹ̀lì `Stat` kan ló wà lókè, òun ló gbé nọ́ńbà ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi `Orientation` sí `Horizontal` kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè gba gbogbo fífẹ̀ ojú fóònù. Mo pa gíráàfù kékeré ẹ̀yìn nọ́ńbà (`Graph mode: None`), mo fi `Color mode` sí `Background`, mo wá yan àwọ̀ ní `Thresholds`: tó bá wà lábẹ́ 37.2 á di búlúù, láti 37.2 á di gíríìnì, tó bá ti tó 37.9 á di pupa. `Decimals` mi, 1 ni, torí 37.5482 kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹni tójú oorun ṣì wà lójú ẹ̀ lè kà. Ó lè na ọwọ́ tó mú fóònù dé ibi tó gùn dé kó sì rí i.

Ibi tó dùn mí jù lọ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a débẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀rọ kejì jẹ́ 37.6, gíríìnì ló wà mọ́jú, ṣùgbọ́n nígbà tá a ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, kò gbóná mọ́ rárá. Eku ti gé wáyà sẹ́ńsọ̀ láti òru. Bí `Stat` ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé nọ́ńbà tó dé kẹ́yìn láàárín àkókò tí dáṣìbọ́ọ̀dù ń wò ló máa gbé síta, wákàtí 24 sì ni tèmi ń wò, torí náà nọ́ńbà aago mọ́kànlá alẹ́ ló ṣì ń tàn gíríìnì di àárọ̀. Èmi ni mo ṣètò ẹ̀ báyẹn, ẹ̀bi Grafana kọ́. Ojútùú ẹ̀ wà nínú `Query options`: fi `Relative time` pánẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan sí `10m`, kí o wá lọ sí `Standard options`, kí o kọ "Kò sí ìròyìn" sínú `No value`. Tí sẹ́ńsọ̀ bá ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́ńbà á kúrò ńbẹ̀.

Ó ṣì ku ọ̀kan. Tó bá jẹ́ fóònù gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ já, ojú ìwé tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ á kàn dúró bó ṣe wà ni. Mo wá fi pánẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ nọ́ńbà, aago tí ìròyìn tó kẹ́yìn wọlé ló ń fi hàn. Aago gan-an ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀ o, bíi 02:14, ẹ má gbé "ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn" síbẹ̀, torí tí ojú ìwé bá dì, "ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn" náà á dì, á sì máa parọ́ fún yín. 02:14 ní tiẹ̀, ọmọ náà á fi wé aago tó wà lókè fóònù ẹ̀, ó parí.

Gíráàfù ńkọ́? Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ni sẹ́ńsọ̀ wa ń kọ nọ́ńbà, ìyẹn jẹ́ 8,640 lójúmọ́ fún ẹ̀rọ kan, ó sì lé ní 25,000 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo ẹ̀ sì ń gba orí 2G wá sí ojú fóònù tí píksẹ́ẹ̀lì ẹ̀ jẹ́ 360. Mo fi `Max data points`, ìyẹn iye nọ́ńbà tí gíráàfù máa gbà, sí 100, mo rò pé mo ti yege, kò sóhun tó yí padà! Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ò ní ṣe nǹkan kan tí kúẹ́rì yín, ìyẹn ìbéèrè tẹ́ ẹ fi ń gba dátà, ò bá lo `$__interval`, àlàfo àkókò tí Grafana fúnra ẹ̀ ń ṣírò látinú nọ́ńbà yẹn. Póńsígírẹ́ẹ̀sì la fi ń kó dátà pa mọ́, bí mo ṣe wá kọ ọ́ rèé:

```sql
SELECT $__timeGroupAlias(akoko, $__interval),
  max(igbona) AS "ero 1"
FROM iwon
WHERE $__timeFilter(akoko) AND ero = 1
GROUP BY 1 ORDER BY 1
```

Pẹ̀lú 100 yẹn, wákàtí 24 á di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nọ́ńbà 96 péré fún ẹ̀rọ kan. Ẹ wo `max` tí mo lò, mi ò lo `avg`, torí tí ẹ̀rọ bá gbóná gan-an fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, `avg` á pò ó mọ́ ìṣẹ́jú méjìlá tó kù, ẹ ò sì ní rí i. Ohun tí `max` náà á bò mọ́lẹ̀ ni ìgbà tó bá tutù díẹ̀, bíi tí iná bá lọ kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, nọ́ńbà búlúù òkè ló ń bá wa mójú tó ìyẹn. Inú `Row` tí mo pa dé ni mo kó gíráàfù sí, torí Grafana kì í béèrè dátà fún ohun tó wà nínú ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kó ṣí.

Èyí tó ṣì ń yọ wá lẹ́nu ni ìgbà àkọ́kọ́ téèyàn máa ṣí i. Ohun tí Grafana máa kọ́kọ́ kó sínú fóònù kí nọ́ńbà kankan tó jáde, ó pọ̀, mẹ́gábáìtì ni, kì í ṣe kílóbáìtì. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ rèé, ó ń fún ohun tó ń bọ̀ pọ̀ kó lè kéré, inú `grafana.ini` ló wà, torí pípa ló wà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé:

```ini
[server]
enable_gzip = true
```

Tẹ́ ẹ bá tún un tán kẹ́ ẹ pa Grafana kẹ́ ẹ tún tan án. Síbẹ̀, mo sọ fún ọmọ yẹn pé ọ̀sán tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa ni kó ti kọ́kọ́ ṣí i, kó sì má pa kááṣì fóònù ẹ̀ rẹ́, torí lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ nọ́ńbà nìkan ló kù tó ń wọlé. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ń sọ ara ẹ̀ dọ̀tun, ìnkúbétọ̀ kì í yára yí padà débi pé ká máa fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún jẹ dátà ọmọlọ́mọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo yọ, torí nínú ẹ̀dà tí à ń lò, dáṣìbọ́ọ̀dù kan náà ò lè ní ètò kan fún kọ̀ǹpútà kó tún ní òmíì fún fóònù, méjì ni mò ń tọ́jú, tí mo bá sì ti yí 37.9 padà lórí ọ̀kan, mo ní láti rántí yí i lórí ìkejì.